Bí a ṣe ń wàásù Sáàmù 13 fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tó sin ọmọ

Ibì kan náà ni ìwàásù lórí àdúrà tí a gbà títí tí a ò rí ìdáhùn ti máa ń bàjẹ́. Oníwàásù á ka ẹsẹ tó ń sunkún, á lo ìṣẹ́jú méjì nídìí ẹkún náà, á sì sáré bọ́ síbi tí orin ayọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó sin ọmọ lóṣù tó kọjá á jókòó, á ní "àmín" bí àwọn yòókù ti ń ṣe, á lọ sílé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ò ní rí i. Ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ́yìn orin, á sì máa jáde kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi í pé iṣẹ́ ńkọ́.

Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé ni ìwàásù kan ṣoṣo, ogún ìṣẹ́jú, lórí Sáàmù 13. Sáàmù náà kò ju ẹsẹ 6 lọ, ó sì pín sí mẹ́ta: ẹsẹ 1 àti 2 ń ráhùn, ẹsẹ 3 àti 4 ń bẹ̀bẹ̀, ẹsẹ 5 àti 6 ń gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ìwàásù yìí kì í ṣe ti etí sàréè. Létí sàréè, ẹ kàwé, ẹ gbàdúrà, ẹ dákẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà kí èyí tó wúlò, nígbà tí àwọn olùbánikẹ́dùn bá ti lọ tán, tí ilé sì ti dákẹ́.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ nílò ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ ìwàásù tó pé, nítorí ẹ máa bẹ àwọn èèyàn wò kí ẹ tó kọ nǹkan kan. Ẹ nílò ẹnì kan tó lè ka Sáàmù náà sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ (kì í ṣe ẹni tó máa ń fi ohùn jagun), àti èèyàn méjì tó mọ̀ bí a ti ń tẹ́tí sílẹ̀, tí wọn yóò jókòó síbì kan lẹ́yìn ìsìn de ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ nílò ìyọ̀ǹda ìdílé kí ẹ tó dárúkọ òkú ọmọ tàbí kí ẹ tọ́ka sí ọ̀ràn wọn, kódà bí gbogbo ìjọ bá ti mọ̀. Ti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tún le ju èyí lọ, torí ó lè jẹ́ pé kò tíì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá.

Ẹ tún bá ẹni tó ń darí ìsìn jókòó. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́rìí pé òun gbàdúrà lóru tí ara ọmọ òun sì yá láàárọ̀, tí ẹ wá dìde láti wàásù nípa àdúrà tí kò gbà, ẹ̀rí yẹn ti wàásù ṣáájú yín. Ohun tí ìyá náà máa gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé tiwọn ni a gbọ́, tòun ni a ò gbọ́. Ẹ gbé ẹ̀rí sí ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ẹ má fi ìwàásù yìí sí ọjọ́ ìkómọjáde tàbí ọjọ́ ìdúpẹ́, ẹ má sì gba àkànṣe ọrẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò rí owó oṣù gbà á rò pé ọrẹ ni wọ́n ń fi ẹkún òun wá.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ lọ gbọ́ kí ẹ tó lọ kọ

Nínú Jóòbù 2:13, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta náà jókòó tì í ní ọ̀sán 7 àti òru 7 láìsọ nǹkan kan. Ohun tó dára jù tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni ìjàngbọ̀n bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì di 42:7, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sọ pé wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa òun.

Ẹ lọ sílé ìyá tàbí bàbá ọmọ náà, ẹ sì béèrè nǹkan méjì péré. Èkíní: "Kí lẹ bẹ Ọlọ́run fún?" Èkejì: "Ọ̀rọ̀ wo làwọn èèyàn ń sọ fún yín tó ń dùn yín?" Lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́. Ìṣẹ́jú ogójì ò pọ̀ jù. Ẹ lọ bá ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ẹ má sì pe àwọn méjèèjì pọ̀ sójú kan.

Nǹkan kékeré kan wà níbí tí a máa ń ṣì ṣe. Orúkọ ọmọ la fi ń pe ọ̀pọ̀ ìyá. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ọmọ tó kú lẹ fi ń pè é, ẹ má ṣàdédé yí i padà sí orúkọ àbúrò rẹ̀ bí ẹni pé ẹ ń nu ti àkọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ bi í: "Kí ni kí a máa pè yín, mà?" Àwọn ìyá kan fẹ́ kí orúkọ náà wà lẹ́nu èèyàn títí. Àwọn mìíràn ò lè gbọ́ ọ báyìí.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ yín pé, "Pásítọ̀, kí ló dé tí Ọlọ́run kò gbọ́?" Ojú á ti yín láti dákẹ́, ẹ ó sì wá ìdáhùn kàn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. "N kò mọ̀, mà. Ó dun èmi náà" jẹ́ òtítọ́, ó sì gbé ẹni náà ró ju àlàyé lọ.

*Àyẹ̀wò:* Nígbà tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bẹ Ọlọ́run fún sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tiyín lẹ rí kọ, ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi àwọn ẹsẹ kan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà

Àwọn ibì kan nínú Bíbélì á máa wá sí yín lọ́kàn fúnra wọn. Mẹ́ta nínú wọn ló máa ń ṣeni ní jàǹbá jù.

Àkọ́kọ́ ni ọmọ Dáfídì nínú 2 Sámúẹ́lì 12. Ọ̀pọ̀ oníwàásù fẹ́ràn ẹsẹ 23, níbi tí Dáfídì ti ní òun ni yóò lọ bá ọmọ náà. Ṣùgbọ́n nínú ẹsẹ 14, wòlíì so ikú ọmọ náà mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì. Ẹ ò lè ka 23 kí òbí má ka 14. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ kiri.

Èkejì ni ìparí ìwé Jóòbù, tí a fi ń wàásù ìlọ́po méjì. Ẹ fi orí 1 wé orí 42, kí ẹ sì fara balẹ̀ kà á. Àgùntàn 7,000 di 14,000, ràkúnmí 3,000 di 6,000. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkùnrin 7 àti obìnrin 3 níbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin 7 àti obìnrin 3 níparí. Ẹran ọ̀sìn ni a sọ di ìlọ́po méjì, a ò fi ọmọ rọ́pò ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sọ níwájú ìyá náà pé Ọlọ́run á dá a padà ní ìlọ́po méjì, ẹ ti ka ọmọ mọ́ ẹran ọ̀sìn.

Ẹ̀kẹta ni Róòmù 8:28, pé ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ pọ̀ fún rere. Òtítọ́ ni. Àmọ́ ẹsẹ 26 ló ṣáájú rẹ̀, níbi tí a ti ní a kò mọ bó ti yẹ kí a gbàdúrà, tí Ẹ̀mí sì ń fi ìrora tí a kò lè fẹnu sọ bẹ̀bẹ̀ fún wa. Ẹni tó fo 26 tó lọ kó 28 wá ti gé ìrora kúrò níbi tí Pọ́ọ̀lù fi í sí.

*Àyẹ̀wò:* Sáàmù 13 àti ibì méjì sí i nìkan ló yẹ kó wà nínú ìwé yín. Tó bá ti di márùn-ún, àlàyé lẹ ń wá.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ dúró pẹ́ nínú ẹsẹ 1 àti 2 (ìṣẹ́jú mẹ́jọ)

Ẹ jẹ́ kí a ka gbogbo Sáàmù náà, kí ẹ sì dákẹ́ fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni "Yóò ti pẹ́ tó?" wà nínú ẹsẹ méjì yìí. Ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú méjì méjì.

Ká ní àwọn méjì tó wà níwájú yín nìyí: ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin kú lẹ́yìn òru mẹ́ta tí wọ́n fi gbàdúrà, àti ọkùnrin kan tó ti ń wá iṣẹ́ láti oṣù méje. Ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ "Yóò ti pẹ́ tó", kì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n ń gbọ́. Àdúrà ọkùnrin náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìpè lè wọlé lọ́la. Ti ìyá náà ti parí. Ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún ti kọjá, kò sì sí ọjọ́ kan láyé yìí tí yóò padà wá. Nítorí náà ẹ má fi gbólóhùn kan kó wọn pọ̀, bíi "ì báà ṣe iṣẹ́ lo sọ nù, ì báà ṣe ọmọ". Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀.

Ìbéèrè kìíní àti ìkejì kọjú sí Ọlọ́run: o gbàgbé mi ni? O gbé ojú kúrò lára mi ni? Àwọn méjèèjì ló ni èyí. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí:

"Ẹni tó kọ orin yìí kò béèrè bóyá Ọlọ́run wà. Ó mọ̀ pé ó wà, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn ún. Ẹni tí kò mọ̀ ẹ́ rí kò lè gbàgbé rẹ. Ẹni tó ti ń wo ojú rẹ tẹ́lẹ̀ ló lè gbójú kúrò. Ó sì sọ ọ́ fún Ọlọ́run lójú koro, kò lọ sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀."

Ìbéèrè kẹta jẹ́ ti inú ọkàn: èrò tí èèyàn ń gbà síwá sẹ́yìn, ìbànújẹ́ lójoojúmọ́. Ti ìyá náà gan-an nìyí, torí "Yóò ti pẹ́ tó" tirẹ̀ kì í ṣe ti ìwòsàn mọ́. Ti ìrora yìí fúnra rẹ̀ ni. Ibí ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ ti wúlò, bó bá yọ̀ǹda. Bí kò bá yọ̀ǹda, ẹ sọ ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń rò lóru: ká ní a ti gbé e lọ lálẹ́ àná, ká ní n kò sùn lọ ní aago mẹ́ta. Ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má dáhùn rẹ̀.

Ìbéèrè kẹrin ni ti ọkùnrin náà: yóò ti pẹ́ tó tí ọ̀tá mi yóò máa gbéraga sórí mi? Ohun tó ń pa ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju owó lọ ni ojú tó ń tì í. Ó ń wọṣọ láàárọ̀ bí ẹni tó ń lọ sí ibi iṣẹ́. Kì í gbé ìpè ẹbí mọ́. Ẹ dárúkọ ìtìjú yẹn láti orí àga ìwàásù, láìtọ́ka sí ẹnikẹ́ni.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀tá". Sáàmù yìí kò dárúkọ ọ̀tá náà, kí ẹ̀yin náà má dárúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹnu bà á pé ẹnì kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá ọkọ rẹ̀ tàbí aládùúgbò rẹ̀ ní ìwòkuwò, òfò kan á sì bí èkejì.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wo aago nígbà tí ẹ bá ń fi í dánra wò nílé. Bí ẹ bá ti parí ẹsẹ 2 kí ìṣẹ́jú mẹ́fà tó pé, ẹ ti sá.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹsẹ 3 àti 4 (ìṣẹ́jú mẹ́rin)

Ohun tí onísáàmù bẹ̀bẹ̀ fún kéré gan-an: wò mí, dá mi lóhùn, mú ojú mi mọ́lẹ̀ kí n má bàa sun oorun ikú. Kò tíì béèrè ayọ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí ẹni tí kò lágbára ju "Olúwa, wò mí" lọ mọ̀ pé àdúrà tó pé ni.

Ibí yìí náà ni ẹ ti máa sọ nípa ìgbàgbọ́, torí ẹ̀sùn tí wọ́n ń gbọ́ jù ni pé ìgbàgbọ́ wọn kò tó. Ẹ mú wọn lọ sí Mátíù 26:39 sí 44. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jésù gbàdúrà pé kí ife náà ré òun kọjá, ife náà kò sì ré kọjá. Tí àìnígbàgbọ́ bá ni ìdí tí àdúrà kì í fi í gbà, kí la máa sọ nípa ti Gẹtisémánì? Ẹ béèrè rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ. Ẹ má yà sí àjíǹde láti ibẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọgbà náà fún ìgbà díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n wà.

Oorun ikú tó wà nínú ẹsẹ 3 kì í ṣe àfiwé lásán fún gbogbo èèyàn. Ẹlòmíràn nínú ìjọ ti ń rò ó pé kí òun tẹ̀ lé ọmọ òun lọ. Ẹ sọ ọ́ kedere: "Bí èrò pé ó sàn kí n kú bá ń wá sí ọ lọ́kàn, sọ fún wa lónìí." Bí ẹnì kan bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ sọ fún ẹbí tó fọkàn tán, kí ẹ sì bá a lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Àdúrà yín máa bá a lọ; kì í ṣe pé ó dí ọ̀nà dókítà.

*Àyẹ̀wò:* Àwọn èèyàn méjì tí ẹ ní kí wọ́n dúró lẹ́yìn ìsìn mọ ẹni tí wọn yóò pè àti ilé ìwòsàn tí wọn yóò lọ kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ rìn wọ ẹsẹ 5, ẹ má fò (ìṣẹ́jú mẹ́rin)

"Ṣùgbọ́n" ni ẹsẹ 5 fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín ẹsẹ 4 àti 5, kò síbi tí a ti sọ pé ọ̀tá lọ, tàbí pé ara yá, tàbí pé ìdáhùn dé. Ohun tó bà á nínú jẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Orin tó ní òun máa kọ, ọjọ́ iwájú ló fi í sí. Kò ní òun ti ń kọ ọ́. Ẹ tọ́ka sí i, nítorí ó fún ìyá náà láyè láti jókòó nígbà tí àwọn yòókù bá dìde kọrin.

Ẹsẹ 6 mẹ́nu ba oore tí Olúwa ṣe. Ẹ má ka oore náà fún wọn ní ẹyọ ẹyọ. Ẹni tó ni ìbànújẹ́ ló lè ka oore tirẹ̀, nígbà tó bá lè kà á.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ sọ fún wọn pé Sáàmù 88 wà. Orin ẹkún ni òun náà, òkùnkùn ló fi parí, kò sí "ṣùgbọ́n" kankan tó yí i padà síbi ayọ̀, síbẹ̀ wọ́n fi í sínú ìwé tí ìjọ ń kọ lórin. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Bí o kò bá tíì lè dé ẹsẹ 5 lónìí, Sáàmù 88 ni tìrẹ. Àwa á bá ọ ka 5 mọ́ tiwa títí wàá fi dé ibẹ̀." Lẹ́yìn èyí, àdúrà kúkurú, kí ẹ sì parí.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* Ohùn. Àwọn tó ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa máa ń gbé ohùn sókè tí wọ́n bá dé ẹsẹ 5, ìjọ á pariwo, ẹkún ìṣẹ́jú mẹ́jọ á sì di àtẹ̀gùn lásán. Ohùn tí ẹ fi ka ẹsẹ 1 ni kí ẹ fi ka ẹsẹ 5.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin yọ́ ìwé náà

Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ mú kálàmù pupa, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ẹ ti kọ "nítorí", "kí ó lè", "ṣebí" àti "láìpẹ́".

"Nítorí" máa ń sọ ìdí tí Ọlọ́run fi ṣe é, ẹ ò sì mọ ìdí náà. "Kí ó lè" máa ń sọ àǹfààní tó fẹ́ fà yọ, bíi "kí ó lè sọ ọ́ di alágbára". Ta ló fẹ́ fi ọmọ ra agbára? "Ṣebí" ni ti ìfiwéra, bíi "ṣebí ẹ ṣì ní méjì mìíràn". "Láìpẹ́" ni ti ìlérí tí a ò rán yín: "láìpẹ́ iṣẹ́ tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ á dé". Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò dé, Ọlọ́run ni ọkùnrin náà á bá wí. Èyí tó bá ń ṣe ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́rin yìí, ẹ fa á yọ.

Ẹ tún wá òwe. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́" la máa ń sọ nígbà tí ọmọ bá kú tí ìyá yè. Ẹni tó ń sọ ọ́ ń dúpẹ́ pé ìyá wà láàyè, ọpẹ́ náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n etí ìyá ló ń bọ́ sí, ohun tó sì ń gbọ́ ni pé omi lásán ni ọmọ òun. Kò gbọ́dọ̀ ti orí àga ìwàásù jáde.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó kù, kí ẹ sì bi ara yín pé ṣé ẹ lè sọ ọ́ létí ìyá náà nígbà tí wọ́n ń bu yẹ̀pẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá lè sọ níbẹ̀, ẹ má sọ ọ́ níbí.

Ìgbésẹ̀ 7: Lẹ́yìn ìsìn

Ẹ má pe àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ síwájú, ẹ má ní kí wọ́n nawọ́. Àwọn méjì tí ẹ yàn á wà níbi tí wọ́n wà, ẹni tó bá fẹ́ á lọ bá wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹ padà sílé àwọn tí ẹ bẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Ti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo bí ìjọ bá ní ohun tó lè fi ràn án lọ́wọ́. Kí ó jẹ́ ẹnì kan ló mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ má sì kéde rẹ̀. Ti ìyá náà, ẹ kọ ọjọ́ ìbí ọmọ àti ọjọ́ tó kú sínú ìwé yín, kí ẹ sì pè é ní ọjọ́ méjèèjì lọ́dún tó ń bọ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ má fi àmín tàbí omijé díwọ̀n ìwàásù náà. Ẹ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ṣé ìyá náà ṣì ń wá? Ṣé ọkùnrin náà ti ń dúró títí di ìgbà oore-ọ̀fẹ́? Ṣé ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ rárá pé ó ní ìbànújẹ́ ti wá bá yín pé, "Pásítọ̀, èmi náà sin ọmọ kan ní ogún ọdún sẹ́yìn, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí"? Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ 1.